Ìbéèrè Tí Ìgbìmọ̀ Kò Tíì Bi Olùtajà

Ní ọdún 1854, níbi ìpàtẹ ọjà ńlá kan nílùú Niú Yọ́ọ̀kì, Elisha Otis dúró sórí pẹpẹ ẹ̀rọ agbéniròkè, wọ́n sì fi okùn fà á lọ sókè lójú èrò. Nígbà tó débi gíga, ó ní kí wọ́n gé okùn náà. Pẹpẹ já wálẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró gbọn-in, nítorí pé Otis ti fi irin kan sí i tó máa ń há mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí okùn bá já. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́rù ròkè ti wà ṣáájú rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kéèyàn gun orí rẹ̀ ni ìbẹ̀rù pé okùn lè já. Otis kò fi bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń yára bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n gan-an ló lọ. Nígbà tó di ọdún 1857, wọ́n ti gbé ọ̀kan tó ń gbé èèyàn sínú ilé ìtajà kan ní òpópónà Bródúwéè.

Ṣùgbọ́n èrò ibi ìpàtẹ yàtọ̀ sí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ ra ọjà. Bí olùtajà bá ti ṣàlàyé tán, wọn á ní kó máa lọ, wọn á sì tilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ní sí níbẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀.

Ká ní ilé ìwé aládàáni kan n'Ìbàdàn fẹ́ ra iná sólà. Ẹni márùn-ún ló wà nínú ìgbìmọ̀: ìyá tó ni ilé ìwé, ọ̀gá àgbà, akápò, olùkọ́ kọ̀ǹpútà àti aṣojú àwọn òbí. Wọ́n ti ra ínfátà rí. Kò tó ọdún méjì tí bátìrì rẹ̀ fi kú, láti ìgbà náà ni ìyá onílé ìwé kò ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sólà sétí mọ́.

Olùtajà tó mọṣẹ́ kì í dúró de ọjọ́ ìpàdé kó tó mọ èyí. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, á pe ọ̀gá àgbà, á sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọ̀gá, bí ìgbìmọ̀ bá ní àwọn kò rà, kí ni wọn máa sọ pé ó fà á?" Á bi akápò náà, á bi olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun mẹ́ta ni yóò máa tún yọjú: bátìrì ti àtijọ́ kú, jẹnẹrétọ̀ ṣì wà nílẹ̀, bí ó bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe? Lẹ́yìn náà, á ní kí wọ́n mú òun lọ wo àwọn bátìrì tó kú. Ìwọ̀nba olùtajà ló ń ṣe èyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Bátìrì aláásíìdì mẹ́rin ni. Lápapọ̀, wọ́n lè gba iná tó tó yúnìtì mẹ́sàn-án ààbọ̀, irú yúnìtì tí à ń rà sínú mítà. Ṣùgbọ́n bátìrì aláásíìdì kò fẹ́ kí wọ́n lò ó kọjá ìdajì, tí wọn kò bá fẹ́ kó tètè kú. Nítorí náà, iná tó ṣeé lò níbẹ̀ kò tó yúnìtì márùn-ún. Kọ̀ǹpútà alágbèéká 20, fáànù 10 àti gílóòbù 15 ti ilé ìwé náà ń jẹ bíi yúnìtì méjì ní wákàtí kan. Bátìrì yẹn kò lè fi àlàáfíà gbé wọn ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n sì ń lò ó lójúmọ́. Kì í ṣe ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Ẹni tó tà á ni kò bá wọn ṣírò.

Nítorí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìpàdé kò gbọdọ̀ jẹ́ ìtàn ilé iṣẹ́ tàbí iye ọdún tí wọ́n ti ń tajà. "Mọ́mì, ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú ìjókòó o. Ínfátà tí ẹ rà lọ́jọ́sí kú, mo sì ti yẹ bátìrì rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó pa á hàn yín." Á kọ ìṣirò òkè yìí sójú pátákó, á wá fi bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó gba yúnìtì 15 wé e. Ìyẹn ṣeé lò dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ìyẹn yúnìtì 12, tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú wákàtí mẹ́fà.

Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan, William McGuire, ṣe ìwádìí lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́yìn ọdún 1960. Ó rí i pé ẹni tó ti gbọ́ àtakò díẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀ máa ń dúró ṣinṣin nígbà tí àtakò gidi bá dé, ju ẹni tó gbọ́ kìkì ìyìn lọ. Ó fi í wé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀gbẹ́ni Daniel O'Keefe náà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 1999, ó sì fi ìkìlọ̀ kan kún un: ẹni tó dárúkọ àtakò tí kò fèsì sí i sàn kó má dárúkọ rẹ̀ rárá.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí olùtajà kó àtakò mẹ́wàá jọ. Mẹ́ta tó gbọ́ lẹ́nu wọn tó. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ, kó wà lápò pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀, kó sì wà nínú ìwé àlàyé tí yóò fi sílẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ sọ àtakò náà di yẹ̀yẹ́. Bí ó bá sọ ọ́ bó ṣe yẹ, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ á mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá bojú wo ẹnì kejì rẹ̀, olùtajà ti ṣì í sọ.

Ti jẹnẹrétọ̀, akápò ni kó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìwé owó epo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó ka ti oṣù mẹ́ta sókè, kí wọ́n sì fi wé owó sólà. Iye tó ti ẹnu akápò jáde, kò sẹ́ni tó máa pè é ní irọ́ olùtajà. Kí olùtajà sì gbà pé ní ìgbà òjò, tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, iná tí páànẹ́lì ń mú wá máa dín kù, nítorí náà kí wọ́n má ta jẹnẹrétọ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí ni ìfihàn. Gílóòbù kan tó ń tàn kò lè yí aláìgbàgbọ́ lọ́kàn padà. Kó pa iná Nẹ́pà, kó tan gbogbo kọ̀ǹpútà àti fáànù, kó ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́; ínfátà náà á gbé e. Kó wá fi kẹ́túlù tó ń jẹ wáàtì 2,000 kún un. Ẹ̀rọ náà á ké, á sì pa ara rẹ̀. Olùtajà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kó sì ti sọ ọ́ ṣáájú, kí ìgbìmọ̀ lè fojú rí ibi tí agbára ẹ̀rọ náà mọ, kí wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá yọ kẹ́túlù, yóò tún tàn.

Ti àtúnṣe kò gba àkókò: orúkọ oníṣẹ́ tó ń gbé Ìbàdàn, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, iye ọjọ́ tí yóò fi dé, gbogbo rẹ̀ nínú ìwé kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè ohun tí olùtajà ṣì fẹ́ sọ níwájú, kó dáhùn lójú ẹsẹ̀. "Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀" máa ń dún bí ẹni tó ń sá.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìyá onílé ìwé ní, "Ṣé èyí náà ò ní kú bíi ti àtijọ́?" Akápò fa bébà tó da ìṣirò náà kọ sí yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà 20. Olùtajà ti wọkọ̀ ní Ìwó Róòdù nígbà yẹn.