Iyọ̀ Tí Kíndìnrín Kò Dá Mọ̀

Kí òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò tó fi abẹ́rẹ́ kan apá ẹni tó ń lo lítíọ́mù, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi í pé: “Ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?” Bó bá jẹ́ pé agogo 9 alẹ́ àná ni, tí agogo 9 àárọ̀ sì ti lù, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ní, “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e mì kí n tó wọ mọ́tò ni,” kó ní kó lọ sílé, kó padà wá lọ́la. Oògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò tíì pín kárí ara, èsì á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá sì jẹ́ ọ̀sán ló wá, tí ìrọ̀lẹ́ ń lọ, oògùn á ti dínkù, èsì á rẹlẹ̀, dókítà á rò pé kò tó, á fi kún un. Wákàtí 12 lẹ́yìn tí a lo oògùn ni gbogbo nọ́ńbà tí àwọn dókítà ń wò dúró lé.

Ìgò tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ sí náà ṣe kókó. Irú ìgò kan wà tí wọ́n ti fi èròjà sí nínú kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì, lítíọ́mù sì wà nínú èròjà yẹn. Ìdérí rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà sínú rẹ̀ á fi lítíọ́mù tí kò sí lára ẹni hàn. Ẹ má ṣe tijú láti béèrè.

Kí ló fà á tí oògùn kan fi ń béèrè irú ìṣọ́ra báyìí? Iyọ̀ ni lítíọ́mù, inú òkúta àti omi ilẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i. Ní 1949, dókítà ará Ọsirélíà kan, John Cade, kọ ọ́ jáde pé ó ń rọ àwọn tí orí wọn gbóná. Títí di òní, òun la fi ń tọ́jú àìsàn tó ń gbé ọkàn ènìyàn sókè títí kò fi ní sùn, tí á máa ná owó bí ẹni ń da omi, tó tún máa ń jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn náà títí wíwẹ̀ fi máa di ẹrù fún un. Nínú àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí àìsàn náà padà wá, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ní in gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ó wà lára àwọn tó dára jù lọ.

Ní ọdún 1949 kan náà, wọ́n ń ta iyọ̀ lítíọ́mù ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n má jẹ iyọ̀ mọ́, kí ọbẹ̀ wọn lè dùn. Ó pa àwọn kan nínú wọn, ìjọba sì kó o kúrò lórí àtẹ. Ẹ kíyè sí i: àwọn tí kò jẹ iyọ̀ gidi rárá ló mú.

Kíndìnrín ló fà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí a ṣe ń sẹ́ ògì, kó wá tún fa ohun tí ara ṣì nílò padà, kó tó jẹ́ kí ìyókù di ìtọ̀. Iyọ̀ jíjẹ wà lára ohun tó ń fà padà. Lójú kíndìnrín, lítíọ́mù kò yàtọ̀ sí iyọ̀ ọbẹ̀, nítorí náà ó máa ń fa ìpín 4 nínú 5 rẹ̀ padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí iyọ̀ tàbí omi bá wọ́n lára, kíndìnrín á wá di iyọ̀ mú gírígírí, á sì di lítíọ́mù mú pẹ̀lú. Kò sì sí ọ̀nà mìíràn tó ṣe gúnmọ́ tí oògùn yìí ń gbà jáde lára.

Ohun tí a ń fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kò sì pọ̀: láti 0.6 dé 0.8 mmol/L fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà mìíràn dé 1.0 nígbà tí àìsàn bá le. Bó bá ti wọ 1.5, a ti ń wọ ilẹ̀ májèlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ní bíi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tí a bá yí i padà, títí á fi dúró. Lẹ́yìn náà ó di oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ọdún àkọ́kọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró dáadáa, ó lè di oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ká mú àpẹẹrẹ kan, ká pè é ní Ìyá Bọ́lá, ẹni ọdún 52 tó ń ta aṣọ. Mílígíráàmù 800 ló ń lò lálẹ́, èsì rẹ̀ sì ti ń jẹ́ 0.7 láti ọdún méjì. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ó lọ ra ibuporofẹ́ẹ̀nì lọ́dọ̀ kẹ́míìsì, ó ń lò ó nígbà mẹ́ta lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, tí kò mọ̀ nípa lítíọ́mù, fi oògùn tó ń mú ni tọ̀ kún tirẹ̀, ó sì ní kó jáwọ́ nínú iyọ̀. Ibuporofẹ́ẹ̀nì ń dín agbára kíndìnrín kù láti lé lítíọ́mù jáde, oògùn ìtọ̀ ń jẹ́ kó fa púpọ̀ sí i padà, àìjẹ iyọ̀ ń ti gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn. Nǹkan mẹ́ta ló pàdé lára ẹnì kan.

Ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ bó bá fẹ́ fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ìyẹn kò dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ keje, tíì ń dànù nínú ife tó dì mú. Inú rẹ̀ ń ṣe gbuuru. Ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ẹni tó mutí yó, ọ̀rọ̀ sì ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ẹbí rò pé àìsàn àtijọ́ ló dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní kí wọ́n fún un ní oògùn rẹ̀ kan sí i. Ìyẹn gan-an ni ohun tó léwu jù tí wọ́n lè ṣe. Àìsàn ọkàn kì í sọ ẹsẹ̀ ènìyàn di gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lójijì.

Ọpẹ́ ni pé ọmọ rẹ̀ kọ̀, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Níbẹ̀ wọn kò dúró de wákàtí 12, nítorí bí a bá ti ń fura sí májèlé, ojú ẹsẹ̀ la ń gba ẹ̀jẹ̀. Èsì jẹ́ 2.1. Wọ́n dá lítíọ́mù àti ibuporofẹ́ẹ̀nì dúró, pẹ̀lú oògùn ìtọ̀, wọ́n fa omi oníyọ̀ sí i lára, wọ́n sì ń tún ẹ̀jẹ̀ wò ní wákàtí díẹ̀díẹ̀. Bó bá burú ju báyìí lọ, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń lò. Nọ́ńbà náà wálẹ̀ kó tó di pé ara rẹ̀ balẹ̀, nítorí lítíọ́mù máa ń pẹ́ kó tó kúrò nínú ọpọlọ.

Kíndìnrín ní ẹjọ́ tirẹ̀ náà. Lítíọ́mù máa ń wọ apá ibi tó ti ń dá omi dúró, omi á sì máa bọ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lò ó fi máa ń tọ̀ púpọ̀, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́, pàápàá lóru. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ń yẹra fún omi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ mọ́tò ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n má bàa bọ́ sílẹ̀ lọ tọ̀. Fún ẹni yìí, ìyẹn kò yẹ rárá. Kó mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́. Bó bá sì ń bì tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, kó pe dókítà rẹ̀ kó tó lo oògùn alẹ́ ọjọ́ náà.

Èyí tó ń pẹ́ kó tó hàn ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún, kíndìnrín àwọn kan máa ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò dùn ènìyàn, kò wú ojú. Èsì ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń sọ ọ́, níbi tí wọ́n kọ eGFR sí. Nọ́ńbà kan kò tó láti dájọ́, ìrìn àjò rẹ̀ ni ká wò: 88, lẹ́yìn náà 79, lẹ́yìn náà 66, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ bí kò tilẹ̀ tíì wọ 60. Dókítà lè dín oògùn kù tàbí pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá a dúró fúnra rẹ̀ lójijì lè rí àìsàn náà kó padà tipátipá. Tàìróìdì pẹ̀lú, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, nítorí lítíọ́mù lè sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Ìyá Bọ́lá padà sí mílígíráàmù 600. Wọ́n yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ padà sí amulodipíìnì tí kì í dà á rú, parasítámọ́ọ̀lù sì ni ti orúnkún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èsì rẹ̀ jẹ́ 0.6. Ìwé kékeré kan wà nínú àpò rẹ̀ báyìí, ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: “Lítíọ́mù ni mò ń lò. Ẹ bi mí kí ẹ tó ta oògùn ìrora fún mi.”