Òṣìṣẹ́ Tí Kò Kú, Tí Kò sì Ṣiṣẹ́

Òṣìṣẹ́ ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń pe ètò kan tí kì í bá oníbàárà sọ̀rọ̀, tó jókòó sẹ́yìn, tó ń mú iṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí ìlà, tó sì ń ṣe é. Bí ènìyàn bá ra ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú ìwé tó fi rà á kì í dúró títí rìsíìtì yóò fi dé inú ímeèlì rẹ̀. Ńṣe ló ń to iṣẹ́ náà sórí ìlà, tí yóò sì dá oníbàárà lóhùn pé ọjà ti wọlé. Bí bùkà ńlá ni: ẹni tó ń gba owó níwájú kọ́ ló ń bu ọbẹ̀ lẹ́yìn.

Bí òṣìṣẹ́ bá kú pátápátá, kò ṣòro láti mọ̀. Lórí Linux, systemd yóò rí i pé ó ti kú, yóò sì jí i dìde bí wọ́n bá ti ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tó wà láàyè tí kò mú iṣẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá tẹ `systemctl status`, `active (running)` ni wọn yóò rí. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí pé lójú tirẹ̀ nǹkan kan kò tíì bàjẹ́. Ó ṣì ń dúró ni. Ó dà bí ẹni tó di ìgbakọ mú, tó lajú sílẹ̀, tí àwo kankan kò sì kúrò níwájú rẹ̀.

Ká mú ilé ìtajà kan tó ń fi Celery ṣe òṣìṣẹ́, tó sì fi Redis ṣe ibi ìtòlà. Òṣìṣẹ́ yìí ní ọwọ́ 4, ìyẹn ni pé ó lè ṣe iṣẹ́ 4 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní aago 1 òru, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn fi ímeèlì ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpè láìfèsì. Ọwọ́ kìíní pè, ó ń retí èsì. Irinṣẹ́ `requests` tí wọ́n fi kọ iṣẹ́ náà ní Python kì í fi gbèdéke sí ìrètí fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá fi gbèdéke sí i, ó lè dúró títí láé. Ọwọ́ kejì pè, òun náà há. Kí aago 2 tó lù, ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti há. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ímeèlì tún nǹkan wọn ṣe ní aago 3, àwọn ìpè àtijọ́ wọ̀nyẹn kò mọ̀, wọ́n ṣì ń dúró. Àwọn oníbàárà ló kọ́kọ́ mọ̀, ní aago 8 àárọ̀.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni kí wọ́n máa ka gígùn ìlà: kí wọ́n tẹ `LLEN celery` nínú Redis, kí ìkìlọ̀ sì dún bí ó bá kọjá iye kan. Èyí kì í tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ títà, iṣẹ́ 500 lórí ìlà lè má jẹ́ nǹkan. Lóru, 30 péré lè túmọ̀ sí pé gbogbo ọwọ́ ti há. Ìlà náà tún máa ń tanni jẹ. Bí wọn kò bá yí ètò Celery padà, ó ń mú iṣẹ́ pa mọ́ sápò fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ 4 fún ọwọ́ kan. Ọwọ́ 4 lè fi iṣẹ́ 16 pa mọ́ láìṣe wọ́n, kí `LLEN` sì máa sọ pé 0 ló kù.

Ọ̀nà tó ṣe é gbára lé ni pé kí wọ́n máa rán iṣẹ́ kékeré kan gba ojú ọ̀nà kan náà tí iṣẹ́ gidi ń gbà. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, Celery Beat yóò to iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ `lilu` sórí ìlà, bí ìlù ọkàn. Ohun kan ṣoṣo tí iṣẹ́ náà ń ṣe ni pé ó ń kọ aago tí wọ́n ṣe é sílẹ̀:

```python
@app.task
def lilu():
    r.set("lilu:imeeli", int(time.time()))
```

Ètò mìíràn, tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, yóò máa wo aago yẹn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan:

```python
igbeyin = int(r.get("lilu:imeeli") or 0)
if time.time() - igbeyin > 300:
    fi_ikilo_ranse()
```

Nǹkan 300 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú 5, tó fún iṣẹ́ ímeèlì tí kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ kan bá wà tó ń gba ìṣẹ́jú 8, tí irú rẹ̀ 4 sì bọ́ sí ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ìkìlọ̀ yóò dún lásán. Kí wọ́n fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlà tirẹ̀ sàn ju kí wọ́n sún gbèdéke síwájú títí tí kò fi ní wúlò mọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ju ẹyọ kan lọ lórí ìlà kan, èyí tó yè yóò máa lu ìlù fún èyí tó ti há. Nítorí náà, ìlù òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá wà lórí ìlà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa kéde pé òun wà láàyè, láti apá kan tí kò kan iṣẹ́ ṣíṣe. Apá yẹn lè máa kéde lọ fún ọjọ́ méjì nígbà tí ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti há. Àwọn mìíràn sì ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìlà ímeèlì tó há gan-an, ìyẹn ni pé wọ́n fún olóògbé ní ìwé ìkú ara rẹ̀ pé kó lọ jẹ́. Ìpè fóònù tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ tó gba ọ̀nà mìíràn ló yẹ.

Ó ku ta ni yóò ṣọ́ olùṣọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin tipẹ́: awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ ọ̀pá kan mọ́lẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ bá bọ́, ọkọ̀ yóò dúró fúnra rẹ̀. Bákan náà, ètò tó ń wo aago yẹn máa ń ránṣẹ́ sí ibì kan níta ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan pé òun ṣì wà. Bí ibẹ̀ kò bá gbúròó rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ni yóò pe ènìyàn.

Nígbà tí ìkìlọ̀ bá dún, ọwọ́ kì í yá sí `restart`, nítorí pé yóò pa ẹ̀rí run. `py-spy dump --pid` yóò kọ́kọ́ fi ìlà kóòdù tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan há sí hàn láìpa á. Ní ilé ìtajà yìí, ìpè ímeèlì ni yóò fara hàn. `timeout=10` níbẹ̀ àti `time_limit=60` lórí iṣẹ́ náà kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ tún há títí láé.

A kì í gbà pé ìkìlọ̀ wà títí a ó fi gbọ́ ọ. Ọ̀nà ìdánwò rẹ̀ ni kí wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró láìpa á, níbi ìdánwò kì í ṣe níwájú oníbàárà:

```
systemctl kill -s SIGSTOP osise-imeeli
systemctl status osise-imeeli
```

`active (running)` ni èkejì yóò ṣì máa sọ. `SIGCONT` ni wọn yóò fi tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Bí fóònù kò bá dún láàárín ìṣẹ́jú 7, ìkìlọ̀ kò tíì sí níbẹ̀.