Yí Páálí Gílóòbù Náà Sí Ẹ̀gbẹ́ Kejì

Ẹni tó bá fẹ́ ra gílóòbù ní Alábà, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bi ọlọ́jà ni pé, "Wáàtì mélòó ni?" Ọlọ́jà á ní, "Ọgọ́ta ni, ẹ̀gbọ́n. Ó mọ́lẹ̀ gan-an." Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá yí páálí náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó lè bá 9W níbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Ọlọ́jà ò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. "=60W" ló wà níwájú páálí, ìyẹn ni pé gílóòbù náà ń mọ́lẹ̀ tó gílóòbù onífọ́nrán ayé àtijọ́ tó ń jẹ 60W. 9W lòun fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Iye iná tí nǹkan ń jẹ ni wáàtì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń tú jáde, lúmẹ́ẹ̀nì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, "lm" sì ni wọ́n ń kọ sára páálí. Gílóòbù onífọ́nrán yẹn ń jẹ 60W, kò sì mú ju bíi 700 lm jáde. Ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà ń dà, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ ká mú gílóòbù LED méjì. Ọ̀kan kọ 9W, 810 lm. Èkejì kọ 15W, 900 lm. Ọ̀pọ̀ ló máa mú èkejì nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n tí a bá fi wáàtì pín lúmẹ́ẹ̀nì, ti àkọ́kọ́ á jẹ́ 90, ti èkejì á jẹ́ 60. Lúmẹ́ẹ̀nì 90 péré ni èkejì fi lé, agbára káká ni ojú fi máa mọ̀ ọ́n, 6W ló sì fi ń jẹ ju àkọ́kọ́ lọ. Tí a bá ń tàn án fún wákàtí mẹ́fà lóru, ìyàtọ̀ yẹn á lé ní yúnítì 13 lọ́dún. Ká fi Náírà 200 ṣírò yúnítì kan, ó ti lé ní Náírà 2,600 lórí gílóòbù kan ṣoṣo. Ilé tó ní mẹ́jọ ń sọ Náírà 21,000 nù lọ́dún. Páálí tí wọn ò kọ lúmẹ́ẹ̀nì sí rárá, èmi kì í gbé e.

Tí ẹnìkan bá mú gílóòbù wá láti Lọ́ńdọ̀nù tí àmì ara rẹ̀ sì jẹ́ F, kó má bínú. Ọdún 2021 ni wọ́n ti le òté náà ní Yúróòpù: gílóòbù gbọ́dọ̀ tó lúmẹ́ẹ̀nì 210 lórí wáàtì kan kó tó gba A. Gílóòbù wa tó jẹ́ 90 yẹn, F ló máa gbà. Èyí tó jẹ́ 60, G.

Orí fáànù ni owó gidi ti ń jò, torí òun ló ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Páálí rẹ̀ máa ń sọ iye atẹ́gùn tó ń fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á kọ ọ́ ní m³/min. Fáànù òkè àjà íńṣì 48 tó wọ́pọ̀ ń jẹ bíi 75W. Èyí tí wọ́n kọ BLDC sí lára lè fẹ́ atẹ́gùn kan náà, ká ní 220 m³/min, kó sì jẹ 30W péré. Ṣùgbọ́n wáàtì kékeré nìkan lè tan èèyàn. Mo ti rí fáànù 40W tí atẹ́gùn rẹ̀ ò dé orí ibùsùn, tí onílé sì pa á tì lọ ra òmíràn. Iye atẹ́gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo wáàtì.

Tí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lóòjọ́, 45W tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ yúnítì 16 lóṣù, bíi Náírà 3,240. Ká ní BLDC fi Náírà 40,000 wọ́n jù, owó náà á padà wọlé lẹ́yìn ọdún kan àti díẹ̀. Níbi tí iná kì í ti í ju wákàtí mẹ́fà lọ, á tó ọdún méjì. Ẹni tó ń lo ínfátà ló máa tètè jẹ èrè rẹ̀: bátìrì tó lè gbé fáànù 75W fún wákàtí mẹ́jọ lè gbé ti 30W fún nǹkan bíi ogún. Àléébù rẹ̀ ni pé bọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Tí iná bá ga jù tó sì jó o, kì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ iná àdúgbò ló lè tún un ṣe.

Ohun tí páálí kọ lè má jẹ́ òótọ́, mítà sì lè tú àṣírí rẹ̀. Ẹ wo ojú mítà yín bóyá ó kọ 1000 imp/kWh. Tó bá kọ bẹ́ẹ̀, iná pupa kékeré ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú nígbà 1,000 fún yúnítì kan. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, ẹ yọ fíríìjì pàápàá, ẹ wá tan fáànù náà nìkan dé ìpẹ̀kun eré rẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí iná náà ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀: wáàtì rẹ̀ nìyẹn. Fáànù 75W á mú un ṣẹ́jú bíi 19, ti 30W á mú un ṣẹ́jú méje tàbí mẹ́jọ. Gílóòbù kan kéré jù fún èyí, àfi kí ẹ tan mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Tí èyí tí ọlọ́jà pè ní 30W bá ṣẹ́jú nígbà 15, 60W ló ń jẹ, ẹ mú rìsíìtì kí ẹ dá a padà fún un.