“Kò Gbọdọ̀” àti “Kò Pọn Dandan”: Bí Ìtumọ̀ Àdápadà Ṣe Ń Fi Àṣìtumọ̀ Hàn

Kò sí ìwádìí oògùn kan tí a lè ṣe láàrin àwọn ará Àgùdà ní Sùúrùlérè láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ ka ìwé kan sí wọn létí, kí wọ́n sì fi ọwọ́ sí i. Bí àwọn olùwádìí bá ti Ìdí-Àràbà wá tàbí wọ́n ti Yábàá wá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò wá yí i sí Yorùbá fún ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n kọ ìwé náà lè má gbọ́ Yorùbá, ìyá àgbà kò sì lè ka ti Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ohun tí a sọ fún un ni ohun tí ó wà nínú ìwé?

Ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ń gbà ni ìtumọ̀ àdápadà. Olùtumọ̀ kìíní yí ìwé náà sí Yorùbá. Olùtumọ̀ kejì, tí kò fi ojú kan ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà rí, gba ti Yorùbá, ó sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni kẹta wá gbé Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì ka iwájú, ó ń fi gbólóhùn wé gbólóhùn. Ní ọdún 1970 ni Richard Brislin tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀nà yìí jáde, lẹ́yìn tí ó ti dán an wò pẹ̀lú ènìyàn 94 tí wọ́n gbọ́ èdè méjì-méjì ní Yunifásítì Gúámù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, irú ọ̀nà yìí ni a gbà nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianápólísì ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1992 sí iwájú. Bí ìbéèrè kan bá yí padà lójú ọ̀nà, ìlú méjèèjì kò ní dáhùn ohun kan náà mọ́.

Bí a bá mú ìwé kan lórí oògùn tuntun fún ẹ̀jẹ̀ ríru gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, a ó rí bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ sọ fún ìyá náà pé kò sí ẹni tí ó fi dandan mú un wọ inú ìwádìí. Olùtumọ̀ kìíní kọ ọ́ báyìí: “Ẹ kò gbọdọ̀ kópa nínú ìwádìí yìí.” Ó ṣòro láti dá a lẹ́bi, nítorí “gbọ́dọ̀” ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu bí a bá fẹ́ sọ pé nǹkan jẹ́ dandan. Ó rò pé bí òun bá ti fi “kò” síwájú rẹ̀, dandan náà ti kúrò. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá wí fún ọmọdé pé kò gbọdọ̀ jáde, a kò sọ fún un pé kò pọn dandan kí ó jáde. A dí i lọ́nà ni. “Kò” tí ó ṣíwájú “gbọdọ̀” kì í mú ọ̀ranyàn kúrò, ìṣe náà ni ó ń kà léèwọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ ọ̀ranyàn méjì tí wọ́n jọra gidigidi níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì sẹ́ wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ya ara wọn bí a bá ti sẹ́ wọn: ọ̀kan di èèwọ̀, èkejì di òmìnira.

Nígbà tí ìwé náà padà dé láti ọwọ́ olùtumọ̀ kejì, ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé a ka kíkópa léèwọ̀ fún ìyá náà. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú fo irú ìyàtọ̀ yìí. Gbólóhùn Yorùbá ni a tún ṣe: “Kò pọn dandan kí ẹ kópa, bí ẹ bá ní ẹ kò fẹ́, ìtọ́jú yín kò ní yí padà.”

Ibòmíràn, ìwé náà fẹ́ sọ pé bí nǹkan bá ṣe bọ́ sí ni ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò ṣe mọ oògùn tí ó kàn án. Olùtumọ̀ kìíní kọ “a ó dìbò”. Àwọn tí wọ́n mọ ìbò tí babaláwo ń lò yóò gbọ́ ọ yé, ṣùgbọ́n ní Èkó òde òní, ìdìbò ni ti gómìnà àti ààrẹ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì ṣe padà dé. Gègé ni a fi rọ́pò rẹ̀, a sì fi kún un pé dókítà kọ́ ni yóò yan oògùn fúnni.

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni àṣìtumọ̀, ṣá o. Bí olùtumọ̀ kejì bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gírígírí, “kí ọkàn yín balẹ̀” lè padà dé bí ẹni pé ọkàn já bọ́ sí ilẹ̀. Ẹni kẹta gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá tó láti mọ̀ pé kò sí ohun tí ó ṣe gbólóhùn náà.

Èyí tí ó burú jù ni àṣìtumọ̀ tí ó padà wálé láìní àpá lára. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní a ó wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ògiri iṣan, yálà ó ga tàbí kò ga. Olùtumọ̀ kìíní kọ “a ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín”. Olùtumọ̀ kejì, tí ó ti ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn láti ọjọ́ pípẹ́, dá a padà ní déédéé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì sì bára mu. Ṣùgbọ́n orúkọ àrùn ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá tí ara rẹ̀ le koko yóò gbọ́ pé a ti mọ̀ pé ó ní in. Bákan náà ni “oògùn pílásíbò”: olùtumọ̀ kìíní yá a, èkejì dá ohun tí a yá padà, ẹni tí ó ni etí kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó yẹ kí a sọ ọ́ ní kíkún pé oògùn kan ni tí ó jọ ojúlówó, ṣùgbọ́n tí kò ní èròjà ìwòsàn nínú.

Brislin pàápàá ti kìlọ̀ nípa èyí. Àwọn olùtumọ̀ méjèèjì lè ní àṣà kan náà lọ́wọ́, bí ó ti rí láàrin àwọn Kristẹni Yorùbá láti ìgbà Bíbélì Crowther: ẹni tí ó ti mọ Èṣù gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run yóò dá a padà bẹ́ẹ̀, láìrántí pé ẹlòmíràn ní Èṣù tirẹ̀ ní oríta. Tàbí kí olùtumọ̀ kejì jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ó lè ti inú Yorùbá jákujàku rò ó wò ohun tí oǹkọ̀wé ní lọ́kàn, kí ó sì tún un ṣe láìmọ̀. Nítorí náà ni ó fi dára kí ó má jẹ́ oníṣègùn. Bí olùtumọ̀ kìíní bá sì tẹ̀ lé ètò gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹ̀-lẹ́sẹ̀, Yorùbá náà yóò le bí òkúta, ìdápadà rẹ̀ yóò sì rọrùn bí nǹkan míràn. Ìdápadà tí ó bára mu régé-régé yẹ kí ó fu ènìyàn lára.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ kì í fi í parí sórí tábìlì. A ó ka ìwé tí a ti tún ṣe sí àgbà mélòó kan létí ní Àgùdà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì inú wọn, a ó sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn. A kò ní bi wọ́n bóyá ó yé wọn, nítorí àgbà tí ó bọ̀wọ̀ fún àlejò yóò sọ pé ó yé òun. Bí ìyá kan bá ní, “Wọ́n ní bí n kò bá fẹ́, n kò ní ṣe é, wọn kò sì ní torí rẹ̀ lé mi kúrò lọ́dọ̀ dókítà,” gbólóhùn náà ti dé ibi tí a rán an. Bí ó bá ní, “Wọ́n ní mo ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru,” ìwé náà yóò padà sí ọwọ́ olùtumọ̀ kìíní.