Àbọ̀ Ìwádìí Ẹ̀sùn Nínú Ẹgbẹ́ Àdúgbò: Kí La Gbọ́, Kí La Rí, Kí La Pinnu?

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ló ń gba owó iná, owó ọlọ́dẹ àti owó gọ́tà. Ibi tí owó bá sì ti ń wọlé, ẹ̀sùn ò ní ṣàì débẹ̀. Bí ẹ̀sùn bá dé, ìpàdé á yan ènìyàn mẹ́ta pé kí wọ́n lọ wádìí rẹ̀, kí wọ́n wá jábọ̀. Wọ́n á lọ, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tọ̀tún-tòsì, àmọ́ ìwé tí wọ́n bá kọ á wá dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Ohun tó máa ń fà á ni pé wọ́n ti lú nǹkan mẹ́ta pọ̀: ohun tí àwọn ènìyàn sọ, ohun tí ìwádìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àti ìpinnu tí wọ́n gbé kà á.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká sọ pé ìyá kan kọ̀wé sí alága pé òun san ₦45,000 fún àtúnṣe tiransifọ́mà, owó lọ́wọ́, fún ọ̀kan nínú àwọn agbowó ẹgbẹ́. Síbẹ̀, òun rí orúkọ òun nínú ìwé ajigbèsè tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì, pé ó ku ₦20,000 lọ́rùn òun. Ó parí lẹ́tà rẹ̀ pé olè ni agbowó náà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ìgbìmọ̀ sọ ẹ̀sùn náà di ìbéèrè tó ní ìdáhùn. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀: èló ni ìyá yìí san? Èló ló dé ọwọ́ akápò? Ṣé bí wọ́n ṣe lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ géètì bá òfin ẹgbẹ́ mu? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ló yẹ kó wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ àbọ̀ náà, ohunkóhun tí kò bá sì dáhùn ọ̀kan nínú wọn kò ní iṣẹ́ kankan ńbẹ̀. Ìjà tí ìyá náà àti agbowó jà nítorí omi lọ́dún tó kọjá kò kan ìgbìmọ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n kọ̀wé sí agbowó. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fi kàn án gan-an, kí wọ́n fi àwọn ìwé tó wà nílẹ̀ hàn án, kí wọ́n sì fún un láàyè láti fèsì. Yorùbá ti pe ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá ní àgbà òṣìkà, kò sì sí àbọ̀ ìwádìí tó lè dúró bí wọn ò bá gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Kí wọ́n gbọ́ ti olúkúlùkù lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kà á sí i létí, kó wá fọwọ́ sí i pẹ̀lú déètì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ ìyá náà ní nọ́ńbà 0147, ₦45,000 ló sì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀dà tó ní nọ́ńbà kan náà nínú ìwé rìsíìtì ẹgbẹ́ sọ pé ₦25,000 ni. Ìwé akápò náà kọ ₦25,000. Agbowó ní iye tóun gbà nìyẹn, pé ìyá náà ló tún rìsíìtì tirẹ̀ ṣe. Ìyá náà mú àlẹ́ẹ̀tì báńkì wá tó fi hàn pé ó gba ₦45,000 lọ́dọ̀ oní-Pí-Ó-Èsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Aládùúgbò kan ní òun rí i nígbà tó ń kawó fún agbowó, àmọ́ òun ò mọ iye rẹ̀.

Olùwádìí tó mọṣẹ́ á bi ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan pé: ibo ni agbára rẹ mọ? Àlẹ́ẹ̀tì fi hàn pé owó wà lọ́wọ́ ìyá náà, kò fi hàn pé ó san án. Aládùúgbò fi hàn pé owó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì, kò sọ iye. Ìwé akápò sọ iye tí agbowó kó wá, kò sọ iye tó gbà. Ó wá ku àwọn rìsíìtì fúnra wọn. Ìwé kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà, nítorí náà ó yẹ kí ìlà orí àwọn méjèèjì bára mu. Ìgbìmọ̀ gbé ọ̀kan lé èkejì, wọ́n nà wọ́n sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: orúkọ àti déètì dọ́gba ṣáká, àmọ́ iye owó kò dọ́gba. Lórí ẹ̀dà ẹgbẹ́, kábọ́ọ̀nù ló kọ orúkọ àti déètì. Bírò ni wọ́n fi kọ iye owó. Lórí rìsíìtì ìyá náà, kò sí ibi tí wọ́n ti fá nǹkan tàbí tẹ nǹkan lé orí nǹkan, owó tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kọ bá èyí tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ mu.

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà, ní abala 134, sọ pé nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, èyí tó jọ òótọ́ ju èkejì lọ nílé ẹjọ́ máa mú. Ẹgbẹ́ kì í ṣe ilé ẹjọ́, àmọ́ òṣùwọ̀n tó bójú mu fún un nìyẹn, kí wọ́n sì sọ ọ́ nínú àbọ̀ wọn. Wọ́n lè wá kọ ọ́ báyìí: “A rí i pé ₦45,000 ni olùfisùn san. Ìdí wa ni pé iye tó wà lórí ẹ̀dà ẹgbẹ́ kò wá láti inú kábọ́ọ̀nù, a kò rí àmì àtúnṣe lórí rìsíìtì olùfisùn, àlẹ́ẹ̀tì báńkì sì bá iye tó dárúkọ mu. A gbé àlàyé agbowó yẹ̀ wò, a kò gbà á nítorí kò lè sọ ìdí tí bírò fi wà lórí ẹ̀dà náà.” Ẹni tí kò gbà pẹ̀lú wọn á mọ ibi tó ti máa tako wọn. Àmọ́ bí wọ́n bá kọ pé “ó hàn gbangba pé agbowó kì í ṣe olóòótọ́”, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí wọn ò rí náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé. Wọn ò mọ ẹni tó fi bírò kọ iye yẹn, wọn ò sì mọ ibi tí ₦20,000 wọlé sí. Kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Orí èyí ni ìpinnu máa dúró lé. Èkíní, olùfisùn kò jẹ gbèsè. Èkejì, ẹ̀sùn olè kò fìdí múlẹ̀ nínú ìwádìí yìí. Ọ̀daràn ni olè jíjà, ẹ̀rí tó ju èyí lọ ni òfin ń béèrè fún un, ilé ẹjọ́ ló sì lágbára láti dá a. Ẹ̀kẹta, ká sọ pé ìwé òfin ẹgbẹ́ ní kí wọ́n kọ̀wé sí ènìyàn ní ọjọ́ 14 kí wọ́n tó lẹ orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ní òun fẹnu sọ fún un, kò sì rí lẹ́tà kankan mú jáde. Lílẹ orúkọ náà lòdì sí òfin, ìbá tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá náà jẹ gbèsè lóòótọ́. Ìpinnu yìí ni mo rò pé ó lágbára jù nínú gbogbo wọn, torí ìwé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àmọ̀ràn a máa gba ààyè tirẹ̀ lẹ́yìn ìpinnu: kí wọ́n yọ orúkọ náà, kí wọ́n kọ lẹ́tà àforíjì, kí owó máa gba àkáǹtì ẹgbẹ́ wọlé, kí agbowó sì dúró lórí ₦20,000 tí kò tíì ní àlàyé.

Ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ bá yàn sí irú ìgbìmọ̀ yìí, ẹ fún olùfisùn àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ kí wọ́n tọ́ka sí àṣìṣe tó bá wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ gbé e fún àwọn tó rán yín níṣẹ́ nìkan. Ẹ má fi sórí Wásáàpù àdúgbò, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bàjẹ́ níbẹ̀ lè gbé yín lọ sílé ẹjọ́.