Kí Ló Yẹ Kí Ọmọ-ọmọ Sọ Nídìí Pósí Ìyá Àgbà?

Òkú àgbà kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Bí ìyá tó ti fojú rí ọmọ-ọmọ bá papòdà, ẹbí á ra aṣọ, wọ́n á pe onílù, wọ́n á sì tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Nínú ìwé náà, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n yàn láti kọ ọ́ á kọ pé ìyá rere ni, pé abiyamọ tòótọ́ ni, pé kò sẹ́ni tó lè rọ́pò rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ orúkọ ìyá náà kúrò, tí a fi ti ìyá ojúlé kejì síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣì bá a mu. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká pa rẹ́.

Ká ní aláró ni ìyá àgbà náà ní Abẹ́òkúta, tó ń rẹ aṣọ ní àgbàlá rẹ̀, tó sì ń tà á ní Ìtòkú. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan. Aṣọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró máa ń ṣe àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aláwọ̀ aró. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, títí á fi dúdú dáadáa. Ọmọ-ọmọ tó dàgbà sí àgbàlá bẹ́ẹ̀ kò níláti wá ọ̀rọ̀ ńlá kiri. Ó lè kọ ọ́ báyìí:

“Màmá, aró ò kúrò ní èékánná yín rí. Ọwọ́ náà lẹ fi ń bu oúnjẹ fún wa, a sì ń jẹ ẹ́. Bí aṣọ bá wà nínú ìkòkò, ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá fẹ́ sunkún á lọ sun ún níta. Ẹ máa ń bínú. Bí ẹ bá bá ọmọ yín jà, oṣù lè lé kí ẹ tó dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, oúnjẹ rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ ti da àwo bò ó.”

Kò sí “ìfẹ́” níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ìbínú ìyá yẹn ló jẹ́ ká gba àwo oúnjẹ náà gbọ́.

Àwọn kan á ní èèwọ̀ ni kéèyàn dárúkọ àléébù òkú. Oríkì tiẹ̀ ń ṣe é. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù, tó sì tẹ ìwé jáde lórí oríkì ìlú náà ní 1991, fi hàn pé kì í ṣe ìyìn nìkan ló ń wà nínú oríkì: ohun tí kò wuyì nípa èèyàn náà ń wà níbẹ̀, nítorí òun náà wà lára ohun tí a fi mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó ní ààlà. Ìbínú àti ahun ṣeé sọ. Ìjà orogún àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí kò tíì parí kò ṣeé sọ, nítorí àwọn alààyè ló máa dùn.

Oríkì gan-an nílò ìṣọ́ra. Oríkì àbísọ rẹ̀, bóyá Àdùkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́, a máa ń dùn létí bí a bá pè é lẹ́ẹ̀kan síbi tó yẹ. Bí a bá ń pè é ní gbólóhùn-gbólóhùn, á tẹ́. Ti orílẹ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ sí wàhálà. Ilé bàbá tó bí ìyá náà ló ni oríkì rẹ̀, ilé ọkọ kọ́. Ẹni tó bá fi oríkì bàbá àgbà kí ìyá àgbà á rí i bí àwọn ìyá tó jókòó níwájú ṣe máa wo ara wọn. Ká tó gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ká kọ́kọ́ kà á fún àkọ́bí ìyá náà tàbí àbúrò rẹ̀ tó kù láyé. Wọ́n á tún orúkọ ìlú ṣe, wọ́n á sì sọ èyí tí kò yẹ ká kà síta.

Ojú ewé kan tó. Ká kà á sókè nílé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ká fàlà síbi tí ẹkún ti ń gbé ohùn, ká sì gé gbólóhùn ibẹ̀ kúrú, torí gbólóhùn gígùn ló ń já mọ́ni lẹ́nu. Ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìparí. Ìparí ni ká ti jíṣẹ́ ilé fún un: “Ìkòkò aró ò tíì gbẹ, Màmá. Ọmọ yín obìnrin ti ń jo eérú.” Kí ọmọ ìyá ẹni kan sì dúró nítòsí, tó ti ka ìwé náà tẹ́lẹ̀, kó lè gbà á bí ohùn bá kọ̀.