Ojú Ìlà Irun Àǹtí Mi Ń Fẹ̀ Sí I

Sátidé kan ni mo tẹ̀lé àǹtí mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí wọn ní Pedro. Onídìrí fi ìlarun la àárín orí wọn, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ojú ìlà yín mà ti fẹ̀ o. Ẹ jẹ́ n là á sí ẹ̀gbẹ́, kó má baà hàn." Àǹtí rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a délé, wọ́n ní kí n wo àtàrí àwọn. Lóòótọ́, awọ orí ń hàn láàárín irun, pàápàá lápá iwájú ìlà náà. Ẹni ọdún 41 ni wọ́n.

Kíá ni ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: omi àlùbọ́sà, òróró lárà. Ẹnì kan tiẹ̀ ní àfọwọ́fà ayé ni. Èmi tí mò ń ka bàọ́lọ́jì ní ipele másítà ní Akoka sọ pé ká kọ́kọ́ rí dókítà awọ ara ná, torí pé ìṣòro méjì ló sábà máa ń mú àtàrí obìnrin, wọ́n sì jọra lójú.

Àkọ́kọ́ ni irun tó ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tó ti ń hù. Á hù fún ọdún mélòó kan, á sinmi, á já, òmíràn á sì hù. Nínú ìṣòro yìí, gbogbo ìgbà tí ihò náà bá tún hu irun ló ń kéré sí i, títí irun tó nípọn á fi dà bíi ti apá ọmọ ọwọ́. Ihò yẹn kò tíì kú o. Ó lè wá láti ìdílé bàbá tàbí ti ìyá, iwájú orí sì sábà máa ń wà bó ṣe wà.

Ìkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara fúnra rẹ̀ ló ń bá ihò irun jà, àpá á sì rọ́pò ihò. Láti àtàrí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa fẹ̀ yíká, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ló sì ń ṣe jù. Irun tó bá bá a lọ kì í padà. Ẹni tó bá ń fi òróró pa á fún odindi ọdún kan ti pàdánù ọdún yẹn nìyẹn.

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Dókítà béèrè bóyá wọ́n bímọ tàbí ní ibà líle ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, torí irú ìyẹn lè mú irun já wìtìwìtì. Ó béèrè bóyá nǹkan oṣù wọn ń ṣe ségesège, bóyá irun ń hù lágbọ̀n wọn, bóyá orí ń yún wọn tàbí ń ta wọ́n. Rárá ni gbogbo ìdáhùn. Ó wá mú bíi fọ́nrán 50 sí 60 láàárín ìka, ó rọra fà á. Méjì péré ló tẹ̀lé e. Ká ní mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló já ni, ìyẹn ni pé irun ń já lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Awò kékeré oníná ló wá tú àṣírí. Ní àtàrí, irun tó nípọn àti irun tín-ín-rín dà pọ̀ mọ́ra. Ní ìpàkọ́, gbogbo wọn dọ́gba. Pàtàkì jù, ihò irun ṣì wà ní pípé, awọ orí kò sì dán. Ká ní ó ń dán tí ihò sì ti dí ni, wọ́n á gé awọ bíńtín, nǹkan bíi mílímítà mẹ́rin, lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Irin tó wà nípamọ́ lára àǹtí lọ sílẹ̀, wọ́n sì fún wọn lóògùn rẹ̀, àmọ́ dókítà ní ìyẹn nìkan kọ́ ló fẹ ojú ìlà.

Oògùn gan-an ni mínọ́ksídíìlì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó rí i pé irun ń hù lára àwọn tó ń lò ó. Èyí tó dà bí ìfófòó, ìdá 5 nínú 100, ni wọ́n fún àǹtí, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Awọ orí gbígbẹ ni wọ́n ń fi í pa, kì í ṣe irun. Tó bá ṣàn sí ojú, irun lè hù níbẹ̀. Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kì í lò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, fóònù dún: "Ọmọ yìí, o ti pá mi lórí!" Irun ń já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú sílẹ̀. Irun àtijọ́ tó ń sinmi ni irun tuntun ń tì jáde, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oṣù mẹ́fà ó kéré tán lèèyàn gbọ́dọ̀ dúró kó tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Téèyàn bá sì dáwọ́ dúró, ohun tó jèrè á lọ láàárín oṣù díẹ̀. Àǹtí ò fẹ́ràn apá yẹn rárá, èmi náà ò dá wọn lẹ́bi.

Ní oṣù kẹjọ, a ya fọ́tò níbi kan náà, lábẹ́ iná kan náà. Ojú ìlà ti kéré sí ti àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ 20. Onídìrí béèrè orúkọ oògùn náà fún oníbàárà rẹ̀ kan. Àǹtí ní, "Kọ́kọ́ wò ó bóyá àtàrí ẹ̀ ń dán."